Gulukóòsì àti lakitóòsì nínú fúláàsìkì kan: kí ló ń dá jíìnì láàkì dúró?

*Ẹ káàsán o. Gwagwalada ni mo ti ń kọ̀wé. Wọ́n kọ́ wa pé bí lakitóòsì bá wà, adènà á kúrò lórí ọ́pẹ́rọ́ọ̀nù láàkì. Tí gulukóòsì bá tún wà níbẹ̀ ńkọ́? Olùkọ́ wa ní díẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi ní kò ní ṣiṣẹ́ rárá. A ṣe é nínú láàbù, ìlà ìdàgbàsókè bakitéríà wa dúró fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó tún gòkè, àmọ́ iná lọ lọ́jọ́ náà. Kí ni ká gbàgbọ́?*

Olùkọ́ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, àbúrò mi. Ọ́pẹ́rọ́ọ̀nù náà kò kú pátápátá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kéré débi pé bí ẹ kò bá fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ ó pè é ní òdo. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ń da ojú gbogbo rẹ̀ rú, ọ̀rọ̀ náà ni "wà". Lakitóòsì wà, ó wà níbo? Èyí tó wà nínú omi fúláàsìkì kò lè yọ adènà kankan. Èyí tó bá wọ inú bakitéríà nìkan ló lè ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tí gulukóòsì bá ṣì ń wọlé, ilẹ̀kùn tí lakitóòsì ń gbà ti wà ní títì, láti inú sì ni wọ́n ti tì í.

Jíìnì mẹ́ta ló tò tẹ̀léra nínú ọ́pẹ́rọ́ọ̀nù yìí: lacZ, lacY àti lacA. lacZ ló ń ṣe bẹ́tà-galatosidéésì, ẹ́ńsáìmù tó ń gé lakitóòsì sí gulukóòsì àti galatóòsì. lacY ló ń ṣe pámíésì, ilẹ̀kùn tí mo ń sọ yẹn. lacA kò kan ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ọ̀dọ̀ jíìnì mìíràn, lacI, ni adènà ti ń wá, ẹyọ bíi mẹ́wàá péré ló sì máa ń wà nínú íkólì kan, irú bakitéríà tí à ń sọ yìí. Ó jókòó sórí DNA níwájú lacZ, pọ́límérésì, ẹ́ńsáìmù tó ń kọ jíìnì jáde, kò sì rí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àmọ́ adènà kì í jókòó títí láé. Ó máa ń ṣí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tó padà, pọ́límérésì á ti kọjá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ibi tí ẹ́ńsáìmù díẹ̀ àti ilẹ̀kùn mélòó kan ti ń wá nìyẹn, kódà nígbà tí lakitóòsì kò sí rárá. Ẹ má fojú kékeré wo jíjò yìí. Lakitóòsì fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú adènà kúrò, álólakitóòsì ni, bẹ́tà-galatosidéésì ló sì ń yí lakitóòsì padà di álólakitóòsì. Bí kò bá sí jíjò, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú yàrá tí wọ́n tì, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i mọ́. Ìdí nìyí tí "kò ní ṣiṣẹ́ rárá" tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ kò fi lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo bí gulukóòsì ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Gulukóòsì kì í gba ọ̀dọ̀ pámíésì wọlé, ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PTS. Bí ó ṣe ń wọlé ni wọ́n ń lẹ fọ́síféètì mọ́ ọn lára, fọ́síféètì náà sì ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá: ó kúrò lára PEP, ó bọ́ sọ́wọ́ purotéènì EI, láti ibẹ̀ sí HPr, sí EIIA, sí EIIB, kí ó tó dé ara gulukóòsì. Ó dà bí àwọn lébìrà tó ń da dẹ́kìn ilé alájà ní Kubwa tàbí Lugbe. Wọ́n tò sórí àkàbà, wọ́n ń na páànù kọnkéré láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí ẹni tó wà lókè bá ń gbà á kíákíá, ọwọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ ṣófo. Bí ẹni òkè bá dúró, kálukú á di páànù tirẹ̀ mú, kò rí ẹni tó máa gbà á. Gulukóòsì ni ẹni òkè yẹn. Nígbà tó bá ń wọlé, EIIA tó pọ̀ jù ni ọwọ́ wọn ṣófo. Nígbà tó bá tán, EIIA á di fọ́síféètì mú.

EIIA ọlọ́wọ́ òfo ni mégádì ilé yìí. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ pámíésì láti inú, kò sì ní jẹ́ kí ó gbé lakitóòsì wọlé. Ìwọ̀nba ilẹ̀kùn tí jíjò mú wá ló tì pa. Lakitóòsì lè kún ìta fọ́fọ́, álólakitóòsì kò ní sí nínú, adènà á sì wà níjókòó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní dídí ọ̀nà mọ́ olùṣíni, ìyẹn ohun tó ń mú adènà kúrò, nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fi gbólóhùn kan péré kọjá.

Iṣẹ́ kejì EIIA ni èyí tí wọ́n fi kọ́ yín. EIIA tó di fọ́síféètì mú máa ń ta ẹ́ńsáìmù kan jí tó ń ṣe cAMP, ohun kékeré kan tó ń jẹ́ iṣẹ́ nínú bakitéríà. Bí gulukóòsì bá ń wọlé, irú EIIA bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, cAMP náà á sì kéré. Ní ọdún 1965 ni Makman àti Sutherland ti fi hàn pé gulukóòsì máa ń dín cAMP inú íkólì kù. cAMP yìí ló ń jẹ́ kí purotéènì CRP lè dì mọ́ DNA, ní nǹkan bí lẹ́tà mọ́kànlélọ́gọ́ta ṣáájú ibi tí kíkọ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fa pọ́límérésì wọlé.

Kí ló dé tí pọ́límérésì fi nílò ẹni tó máa fà á? Wo lẹ́tà mẹ́fà tó yẹ kí ó dì mú, lẹ́tà mẹ́wàá ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀. Bí pọ́límérésì ṣe fẹ́ràn rẹ̀ jù ni TATAAT. Èyí tó wà lórí láàkì ni TATGTT. Lẹ́tà méjì péré ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ ojú ìbẹ̀rẹ̀ náà di aláìlágbára. Bí adènà bá tilẹ̀ kúrò, tí CRP kò sì sí níbẹ̀, iṣẹ́ tó máa ṣe kò ní pọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà nílẹ̀ báyìí, ìbéèrè tó sì kàn ni èwo gan-an ló ń dá láàkì dúró nígbà tí ṣúgà méjèèjì bá wà. Aiba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan dán an wò láàárín ọdún 1996 sí 1997, mo sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Wọ́n mú íkólì tí lẹ́tà méjì yẹn ti yí padà, tí TATGTT ti di TATAAT. Wọ́n ń pe ìyẹn ní UV5, kò sì nílò cAMP tàbí CRP mọ́ kí láàkì rẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ cAMP tó kéré ni gbogbo ẹjọ́ náà, gulukóòsì kò yẹ kí ó lè dá irú rẹ̀ dúró. Ó dá a dúró. Wọ́n fi IPTG kún omi, èyí tó lè wọlé láìgba ọwọ́ pámíésì, tó sì ń yọ adènà fúnra rẹ̀. Agbára gulukóòsì parẹ́. Wọ́n ba crr jẹ́, jíìnì tó ń ṣe EIIA, agbára náà tún parẹ́. Wọ́n jẹ́ kí pámíésì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀, torí mégádì kò tó ilẹ̀kùn mọ́.

Wọ́n tún wọn cAMP fúnra rẹ̀. Ti íkólì tó ń jẹ gulukóòsì àti ti èyí tó ń jẹ lakitóòsì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìgbà tí gulukóòsì ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, tí ìlà dúró, ni ó fò sókè fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé "cAMP kéré" tó sì fi pẹ́ńsù sílẹ̀ kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ló kọ, ìdajì tó kéré sì ni. Ohun tó ń ti ọ́pẹ́rọ́ọ̀nù náà pa ni ilẹ̀kùn tí EIIA tì. cAMP àti CRP ló ń pinnu bí yóò ṣe pariwo tó nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí.

Pẹ̀lú èyí, ìdúró tí ẹ rí nínú ìlà yín lè yéni dáadáa. Jacques Monod ló kọ́kọ́ ṣe àlàyé irú ìdàgbàsókè ẹlẹ́ẹ̀mejì yìí, ní Paris ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ogún ọdún ṣáájú kí òun àti François Jacob tó gbé ọ́pẹ́rọ́ọ̀nù jáde ní 1961. Gulukóòsì tán. Fọ́síféètì dúró sọ́wọ́ EIIA, mégádì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, cAMP gòkè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó wà kò ju ìwọ̀nba tí jíjò fi sílẹ̀, bakitéríà náà kò sì ní oúnjẹ tó máa fi ṣe purotéènì tuntun. Lakitóòsì díẹ̀ wọlé, díẹ̀ nínú rẹ̀ di álólakitóòsì, adènà ṣí, ilẹ̀kùn púpọ̀ sí i jáde, lakitóòsì tó pọ̀ sí i wọlé. Ó ń yí po bẹ́ẹ̀, ó ń yára sí i. Bí a bá bu IPTG sínú íkólì tó ń jẹun dáadáa, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹ́ńsáìmù tuntun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan tí ìlà fi ń dúró kì í ṣe àkókò tí jíìnì fi ń jí, àkókò tí ìyípo náà fi ń kó ara jọ ni.

Nípa ti láàbù yín: ogójì ìṣẹ́jú bá ìdúró gidi mu. Ó bá ìdúró tí àìsí iná fà mu pẹ̀lú. Nígbà tí iná bá lọ, sékà dúró, afẹ́fẹ́ kò wọ inú omi mọ́, ooru 37 bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, gbogbo bakitéríà á fa ọwọ́ sẹ́yìn, ìlà wọn á sì dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni pé gulukóòsì ló tán. Ìlà kan ṣoṣo kò lè sọ ìyàtọ̀ fún yín. Ohun tó lè sọ ọ́ ni iye OD600, òǹkà bí bakitéríà ṣe ki tó nínú omi, níbi tí ìdúró náà ti ṣẹlẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Nínú M9, omi oníyọ̀ tí kò ní oúnjẹ mìíràn ju ṣúgà tí ẹ bá fi sí i, bí afẹ́fẹ́ bá wà dáadáa, gíráàmù kan gulukóòsì máa ń di nǹkan bí ìdajì gíráàmù íkólì gbígbẹ. OD600 tó jẹ́ 1 sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.4 nínú lítà kan. Bí ẹ bá fi gíráàmù 0.5 gulukóòsì sínú lítà kan, ẹ ó rí gíráàmù 0.25 íkólì, ìyẹn nǹkan bí OD 0.6. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìlà ti dúró. Bí ẹ bá fi gíráàmù 1 sí i, ó yẹ kí ó dúró ní nǹkan bí 1.2. Ẹ̀rọ yín lè yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà ìlọ́po méjì yẹn gan-an ni kí ẹ wò: bí gulukóòsì bá di ìlọ́po méjì, OD ibi ìdúró gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Ìdúró tí iná fà kò mọ iye gulukóòsì. Aago kan náà ni yóò bá gbogbo fúláàsìkì, ibi yòówù kí OD wọn wà.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí. Fúláàsìkì mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan gba mílílítà 250, kí M9 tó wà nínú rẹ̀ má ju mílílítà 50 lọ, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè. Ẹ fi gulukóòsì 0.5 àti lakitóòsì 2 sí àkọ́kọ́, gulukóòsì 1 àti lakitóòsì 2 sí ìkejì, gulukóòsì 2 nìkan sí ìkẹta, lakitóòsì 2 nìkan sí ìkẹrin, gbogbo rẹ̀ ní gíráàmù nínú lítà kan. Ìkẹta ni ẹlẹ́rìí yín. Kò gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi kọjá OD 2. Bó bá dúró pẹ̀lú àwọn yòókù, iná tàbí sékà ló fà á, ẹ má lo ìlà ọjọ́ náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti OD 0.04. Íkólì máa ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bíi wákàtí kọ̀ọ̀kan nínú M9 tó ní gulukóòsì, nítorí náà fúláàsìkì àkọ́kọ́ á dé 0.6 ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Ẹ máa kà á ní ogún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa kà á ní mẹ́wàá mẹ́wàá láti 0.4 lọ. Bí OD bá ti kọjá 0.5, ẹ bù ú, ẹ là á pẹ̀lú M9 ní ìlọ́po márùn-ún kí ẹ tó kà á, torí ẹ̀rọ kì í sọ òótọ́ nípa omi tó bá ti ki jù.

Irúgbìn tí ẹ fẹ́ gbìn gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú M9 tó ní gulukóòsì nìkan. Bó bá ti jẹ lakitóòsì lánàá, ilẹ̀kùn àti ẹ́ńsáìmù ti kún inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdúró á kúrú tàbí kí ẹ má rí i rárá. Ẹ tún wo irú íkólì tí wọ́n fún yín. DH5α tó wà nínú fíríìsà ọ̀pọ̀ láàbù kò ní lacZ tó pé, kò lè jẹ lakitóòsì láéláé: ìlà rẹ̀ á dúró nígbà tí gulukóòsì bá tán, kò sì ní gòkè mọ́. MG1655 ló dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má sì lo LB dípò M9, torí oúnjẹ mìíràn pọ̀ nínú rẹ̀, ìlà á kàn máa wọ́ lọ láìní igun kankan. Ṣúgà náà, ẹ sè é lọ́tọ̀ tàbí kí ẹ sẹ́ ẹ, ẹ má sè é pọ̀ mọ́ iyọ̀ M9 nínú ọ́tókíléèfù. Bó bá jáde tó pọ́n bíi tíì, ẹ dà á nù.

Bí ẹ bá fẹ́ yanjú iyàn tó wà láàárín olùkọ́ yín àti ọ̀rẹ́ rẹ, OD nìkan kò tó, ẹ wọn ẹ́ńsáìmù náà. Ẹ bu díẹ̀ nínú fúláàsìkì àkọ́kọ́ nígbà tó bá fẹ́ẹ̀ dé 0.6, kí ẹ tún bù ú nígbà tó bá ti ń gòkè lẹ́ẹ̀kejì. Sórí yìnyín ni kí ó lọ lójú ẹsẹ̀, kí iṣẹ́ inú rẹ̀ lè dúró. Ẹ fi ọ̀ṣẹ SDS àti kílórófọ́ọ̀mù díẹ̀ la ara rẹ̀, ẹ fi ONPG sí i, ohun tí ẹ́ńsáìmù náà máa ń gé tí á fi yọ àwọ̀, ẹ wo aago. Bó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi pupa ẹyin, ẹ da mílílítà 0.5 Na2CO3 (1 M) sí i kí ó dúró, ẹ ka OD420 àti OD550.

```
U = 1000 × (OD420 − 1.75 × OD550) / (t × v × OD600)
```

`t` ni iye ìṣẹ́jú, `v` ni mílílítà íkólì tí ẹ lò. Ká ní èyí tí ẹ bù ṣáájú ìdúró jẹ́ mílílítà 0.5, ẹ jẹ́ kí ó lo ọgọ́ta ìṣẹ́jú, OD600 rẹ̀ jẹ́ 0.6, 420 jẹ́ 0.050, 550 jẹ́ 0.005. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ 2.3. Ká ní èyí tí ẹ bù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ mílílítà 0.1, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni, OD600 jẹ́ 0.8, 420 jẹ́ 0.400, 550 jẹ́ 0.010. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 797. Ohun tó ń jẹ́ "díẹ̀" lẹ́nu olùkọ́ yín ni 2.3 yẹn. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kan náà wọn ti àkọ́kọ́ kò ní rí àwọ̀ kankan, á sì lọ kọ òdo sínú ìwé, bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe sọ ọ́. Ẹ fún un ní wákàtí kan gbáko.

Bó bá kù díẹ̀ nínú IPTG láàbù yín, ẹ fi fúláàsìkì karùn-ún kún un: ohun tó wà nínú àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú IPTG mílímólà 1 láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ní OD 0.4, nígbà tí gulukóòsì ṣì pọ̀. Á ti wà lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, kò ní jẹ́ méjì mẹ́ta. Gulukóòsì wà níbẹ̀, CRP kò yí padà, ohun tó yàtọ̀ kò ju pé olùṣíni rí ọ̀nà wọlé láìbá mégádì pàdé.

Ní báyìí ná, ẹ ṣí ìwé tí ẹ kọ OD ọjọ́ yẹn sí. Ẹ wo OD tí ìlà ti dúró, ẹ wo iye gulukóòsì tí ẹ wọ̀n sínú rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tó wà nítòsí sékà pé aago mélòó ni iná lọ. Bí gulukóòsì bá jẹ́ 0.5, tí ìlà sì dúró ní 0.25 tàbí 0.3, gulukóòsì kò tíì tán nígbà náà, iná ló dá a dúró, ẹ tún un ṣe. Bó bá dúró láàárín 0.5 sí 0.7, tí iná sì ti dé kí ó tó débẹ̀, ohun tí ẹ rí ni ilẹ̀kùn náà tó ń ṣí.